Ẹ yẹ imú wò kí ẹ tó lẹ ẹnu

Ọjọ́ Sátidé kan ni obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta oògùn ní Ìbàdàn, ó ní kí n bá òun wá téèpù tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú egbò ló ń wí. Ó ní rárá, ẹnu tí èèyàn fi ń jẹun ni. Ló bá ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fídíò Tíkítọ́ọ̀kì kan hàn mí: ọmọge kan fi téèpù dúdú pa ètè rẹ̀ dé, ó dùbúlẹ̀, ó jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran. Ó ní òun ò hanrun mọ́, ẹnu òun ò rùn mọ́, àgbọ̀n òun sì ti yọ dáadáa. "Ọkọ mi ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ fún," ni obìnrin náà wí. "Ìhanrun rẹ̀ ti lé mi lọ sí yàrá àwọn ọmọ."

Ìbéèrè kan ni mo bi í: tí bàbá náà bá ń hanrun lọ, ṣé ó máa ń dákẹ́ lójijì, kó wá ta gìrì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi? Ó wò mí bí ẹni pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ń sùn. "Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kà á nígbà mìíràn, mo ti ka méjìdínlógún rí kó tó mí. Tí ẹ̀rù bá bà mí, màá fi ẹsẹ̀ tì í."

N kò ta téèpù fún un lọ́jọ́ náà. Mo fún un ní àga, a jókòó, a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo bá a sọ ni mo kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí èmi fúnra mi rí nígbà tí mo dán téèpù yìí wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ọyẹ́ èṣí.

Iṣẹ́ imú ni wọ́n ń yin téèpù fún

Téèpù kì í ṣí imú. Ẹnu nìkan ló ń tì. Ìyìn tí wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé téèpù lórí, imú ló ni ín. Imú ló ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, òun ló ń fún un ní ọ̀rinrin, irun àti ikun inú rẹ̀ ló sì ń gba eruku dúró. Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Kárólínsíkà, ní Sítọ́kíhọ́ọ̀mù lórílẹ̀-èdè Súwídìn, fi hàn pé inú àwọn ihò eegun tó yí imú ká ni ara ti ń ṣe gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní náítíríìkì ọ́kísáìdì. Gáàsì yìí ń bá afẹ́fẹ́ imú wọlé, ó ń ran ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ láti gba ọ́síjìn. Ẹni tó ń gba ẹnu mí ní gbogbo òru kì í jẹ nínú èyí. Ẹnu rẹ̀ á gbẹ, itọ́ tó yẹ kó máa fọ eyín ò ní tó, ẹnu á máa rùn láàárọ̀, eyín á sì tètè jẹrà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo èyí.

Ní ti téèpù fúnra rẹ̀, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn dókítà ní Táíwáànì dán an wò lára ogún èèyàn, èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Àwọn ogún náà ní àìsàn àìmí lójú oorun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sílíìpù ápínià, ṣùgbọ́n tiwọn fúyẹ́. Iye ìgbà tí èémí wọn ń sé láàárín wákàtí kan lọ sílẹ̀ láti nǹkan bíi 8 sí nǹkan bíi 5, ìhanrun wọn sì dín kù ju ìdajì lọ. Ó dára. Àmọ́ ní 2025, àwọn oníwàádìí ní Kánádà kó iṣẹ́ mẹ́wàá jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èèyàn 213 ni wọ́n yẹ̀ wò nínú gbogbo rẹ̀. Méjì péré nínú iṣẹ́ mẹ́wàá náà ló rí àǹfààní tó jọjú, mẹ́rin sì kìlọ̀ pé èémí lè há mọ́ ẹni tí imú rẹ̀ dí nínú. Wọ́n ti dán an wò fún àwọn tó ní asíímà náà, ní Ìlú Ọba, ní 2009. Kò yí nǹkan kan padà fún wọn. Ní ti àgbọ̀n tó ń yọ nínú fídíò, iná kámẹ́rà ló yọ ọ́.

Ibi tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Bọ́sítìnì, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2024. Wọ́n fi oògùn kun àwọn 54 tó ní àìsàn àìmí lójú oorun, wọ́n wá rọra fi ọwọ́ pa ẹnu wọn dé, wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ọ̀pọ̀ mí dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba ẹnu mí jù lọ láàárín wọn, àwọn gan-an tí fídíò ń sọ fún pé kí wọ́n lọ ra téèpù, èémí tiwọn dín kù. Ìdí rẹ̀ ni pé àjà ẹnu rírọ̀ tó wà lẹ́yìn ti wọlẹ̀, ó dí ọ̀nà imú láti inú. Ẹnu ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbà jáde, ẹ wá lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbọ́ bí oorun náà ṣe ń lọ

Òru mẹ́ta ni kí ẹ lò fún èyí, láìsí téèpù rárá. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí fáànù kí ariwo fáànù má bàa bo èémí, ẹ tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ kó máa gbà títí di àárọ̀. Ẹni tó bá ní ẹni tó ń sùn tì í lè ní kí onítọ̀hún tẹ́tí, ṣùgbọ́n fóònù sàn, torí pé ẹni tó ń tẹ́tí náà á sùn.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ má gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ fò lọ sí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru, kí ẹ gbọ́ ìdajì wákàtí níbẹ̀. Oorun àlá pọ̀ lásìkò yẹn, iṣan ọ̀nà ọ̀fun á ti dẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni àìsàn náà ti máa ń fara hàn. Ìhanrun tó ń lọ geerege bí ẹ̀rọ ìlọta, tí kò já, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Èyí tí ẹ ń wá ni èyí tó ń ròkè, tó ń ròkè, tó wá já pátì, kẹ́kẹ́ pa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, lẹ́yìn náà ni ẹni náà á wá gbúngbùn, á sì fa èémí gùn-ùn. Tí ìdákẹ́jẹ́ náà bá ti tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, dókítà á kà á sí ọ̀kan. Tí irú rẹ̀ bá ti tó márùn-ún láàárín wákàtí kan, àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá kọjá ọgbọ̀n, ó ti le.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè mẹ́jọ tí àwọn dókítà ń lò kárí ayé. Ṣé ẹ máa ń hanrun débi tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn? Ṣé ó máa ń rẹ̀ yín lójú ọ̀sán, tàbí kí ẹ máa tòògbé? Ṣé ẹnì kan ti rí i pé ẹ dákẹ́ mímí lójú oorun? Ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ìwọ̀n ara yín ju 35 lọ, ìyẹn tí ẹ bá fi gíga yín ní mítà pín kílò yín, tí ẹ tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i? Ṣé ẹ ti ju àádọ́ta ọdún lọ? Ṣé ọrùn yín ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ? Ṣé ọkùnrin ni yín? Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ọ̀kan jẹ́ máàkì kan. Ẹni tó gba 3 sókè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan téèpù kó tó rí dókítà.

A ka ti bàbá yẹn níbẹ̀ lórí àga. Ó ń hanrun: ọ̀kan. Awakọ̀ ni, ó sì ti tòògbé lórí ọ̀nà Ọ̀yọ́ rí, ìyàwó rẹ̀ ò sì fẹ́ sọ èyí sókè: méjì. Ó máa ń dákẹ́: mẹ́ta. Obìnrin náà ò mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní kó lọ mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò wálẹ̀ láti 160 lókè: mẹ́rin. Kílò 92, gíga 1.72, ìyẹn jẹ́ 31, kò ká a. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìyẹn náà ò ká a. Mo fi okùn ìwọ̀n télọ̀ wọn ọrùn rẹ̀, ó jẹ́ 43: márùn-ún. Ọkùnrin ni: mẹ́fà. Mo kọ ọ́ sórí bébà kan fún un pé kó gbé e lọ fún dókítà, pẹ̀lú ohùn tó wà nínú fóònù ìyàwó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ imú wò, alẹ́ ni kí ẹ ṣe é

Ẹni tó bá gba 0 sí 2, tí fóònù rẹ̀ kò sì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ kankan, ẹ jẹ́ ká wo imú rẹ̀.

Ẹ mú dígí kékeré tó tutù, tàbí ẹ̀yìn ṣíbí irin tó ń dán. Ẹ gbé e sábẹ́ imú, ẹ pa ẹnu dé, ẹ mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìkùukùu méjì ló yẹ kó hàn lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá kéré ju èkejì lọ, ẹ má jáyà, torí pé bí imú ṣe ń ṣe nìyẹn: wákàtí díẹ̀ ni apá kan fi máa ń wú, èkejì á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á sì pààrọ̀. Ẹ tún un wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé apá kan náà ló ń kéré lójoojúmọ́, bóyá eegun àárín imú ló wọ́, bóyá ẹran hù níbẹ̀. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló máa tú ìyẹn, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu dé, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ máa gba imú nìkan mí. Tí ẹ bá yege, ẹ sùn sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ya wọ inú imú téèyàn bá dùbúlẹ̀, imú tó ṣí lórí ìjókòó lè dí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyí tí mo fi ní alẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀sán, lórí ìrọ̀rí tí ẹ máa ń lò gan-an. Tí ẹ bá ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà torí pé afẹ́fẹ́ ò tó, ẹ ò tíì dé ibi téèpù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tọ́jú ohun tó dí imú

Ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ṣe èyí dáadáa kò ní nílò ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹnu ò kàn dédé ṣí. Imú ló lé èémí lọ síbẹ̀.

Omi iyọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ se omi kó hó, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ mú ìdajì lítà rẹ̀, ìyẹn ìgò omi 50 sẹ̀ńtílítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i, ẹ fi ṣíbí tíì kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí báṣíǹnì, ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ rọra fọ́n ọn sí ihò kan, kó gba èkejì jáde, ẹnu ní ṣíṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má lo omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ láìsè é: kòkòrò kan wà nínú omi tí kò léwu nínú ikùn, àmọ́ tó bá gba òkè imú wọlé, ó lè dé ọpọlọ.

Èkejì ni yàrá. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo abẹ́ fáànù, bí eruku ibẹ̀ ṣe nípọn tó, ẹ nù ún. Ẹ má sun kọ́ìlì ẹ̀fọn sínú yàrá tí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oògùn tí ẹ ń kán sí imú, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbí torí pé èmi ni mò ń tà á. Èyí tó ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀, bí ẹfẹdírììnì tàbí sáílómẹ́tásólíìnì, ọ̀rẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni, ó pẹ́ tán, ọjọ́ méje. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, imú á kọ́ láti máa dí tí kò bá rí i. Mo ní oníbàárà kan tó ń ra ìgò kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì, tó sì ń sọ fún mi pé imú òun ò gbọ́ oògùn. Oògùn náà ló dí i. Ẹni tó bá wà nípò yìí, kó jẹ́ kí dókítà bá a já a. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ tún dán sísùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Téèyàn bá sùn gbalaja, párì á já sílẹ̀, ẹnu á ṣí fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tí ẹ bá ṣì fẹ́ lẹ̀ ẹ́

Kí n tó máa bá a lọ, àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn rárá. Ọmọdé ni àkọ́kọ́. Ọmọ tó bá ń la ẹnu sùn, bóyá ẹran ẹ̀yìn imú rẹ̀ ló tóbi, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọmọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ní wárápá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí oúnjẹ máa ń gòkè sí lọ́fun lóru, àti aláboyún tó ń bì. Èébì tó bá rí ẹnu tó tì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń padà sí. Bákan náà, ní òru tí ẹ bá mu ọtí, tàbí tí ẹ lo oògùn oorun, tàbí oògùn ikọ́ tó ń kun oorun, tàbí tí ọ̀fìnkìn bá mú yín, ẹ fi téèpù sínú dúrọ́ọ̀.

Èyí tí ẹ máa rà ni téèpù bébà funfun tí nọ́ọ̀sì fi ń lẹ báńdéèjì, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì àtààbọ̀. Ẹ béèrè máíkírópọ̀ọ̀, kẹ́míìsì á mọ̀ ọ́n. Pílásítà líle tó ń fa irun tu, sẹ́lótéèpù, téèpù oníná, kò sí èyí tó yẹ ètè nínú wọn. Ẹ kọ́kọ́ lẹ díẹ̀ mọ́ inú apá yín mọ́jú. Tí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó ń yún yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ gé e kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Ẹ ká ìdí rẹ̀ kan lé ara wọn bíi sẹ̀ǹtímítà kan kó lè ní etí tí ìka á máa rí dìmú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ kí ẹ ṣí i, lẹ́ẹ̀mejì, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ dín agbára kù. Ẹ wá pa ẹnu dé láìfún eyín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ lóòró láàárín ètè, láti abẹ́ imú sí àgbọ̀n, kí etí tí ẹ ká wà nísàlẹ̀. Lóòró ni mo wí, kì í ṣe níbùú. Igun ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, débi pé tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn jáde, á gba ibẹ̀. Ẹni tó ní irunmú, téèpù ò ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, mi ò sì mọ ọgbọ́n tí mo lè dá sí ìyẹn ju pé kó fá a.

Kí ẹ tó sùn, ìdánwò méjì. Àkọ́kọ́, ẹ la ẹnu pẹ̀lú agbára: téèpù gbọ́dọ̀ já tàbí kó ṣí fúnra rẹ̀, láìfi ọwọ́ kàn án. Tí kò bá ṣí, ó ti le jù. Èkejì, ẹ pa iná, ẹ di ojú, ẹ fi ìka kan fa etí ìsàlẹ̀ yẹn: ìfà kan péré ni kó fi kúrò.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lóru. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ fi lò ó lójú ọ̀sán fún ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí ẹ ń ka ìwé tàbí tí ẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sun oorun ọ̀sán kan tí ẹnì kan wà nílé. Òru wá kẹ́yìn, kí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sì wà ní títàn fún òru mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ lè fi wé ti ìgbésẹ̀ kìíní.

Ohun tí ẹ máa rí láàárọ̀

Ní òru mélòó kan àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá téèpù lórí ìrọ̀rí tàbí kó lẹ̀ mọ́ irun yín. Èmi bá tèmi lórí fáànù tábìlì lẹ́ẹ̀kan, n kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á ní téèpù náà ò lágbára, wọ́n á lọ ra èyí tó le. Ara yín ló fẹ́ afẹ́fẹ́ tó fi já a. Ohun tí ẹ ń wá nìyẹn, kó lè já. Tó bá ń já lóròòru fún ọ̀sẹ̀ kan, imú yín ń sọ nǹkan fún yín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Àmì tó ní kí ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ta gìrì jí tí àyà yín ń já, kí orí máa fọ́ yín láàárọ̀, kí ó túbọ̀ máa rẹ̀ yín lọ́sàn-án, tàbí kí fóònù gba ìdákẹ́jẹ́ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fiyè sí èyí tó gbẹ̀yìn. Ìhanrun lè dín kù torí pé ẹnu tì, kí àìmí sì pọ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sùn tì yín á máa dúpẹ́, ẹ̀yin á máa rẹ̀wẹ̀sì.

Tèmi rèé. Ẹnu mi ló máa ń gbẹ láàárọ̀ nínú ọyẹ́, bí ẹni tó jẹ gúgúrú láìmu omi. Máàkì kan péré ni mo ní nínú mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, téèpù já lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó dúró, ẹnu mi ò gbẹ mọ́, inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, imú mi dí ní nǹkan bí aago méjì òru, mo fa téèpù náà tu kí n tó mọ̀ pé mo ti jí, ètè mi bó díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo wá jókòó ro nǹkan tó yí padà. Fáànù tábìlì ni. Ojú mi ló kọ sí, ó ń fọ́n eruku ọyẹ́ sí mi nímú láti alẹ́ dòwúrọ̀. Mo yí i kọ ògiri, mo ń fi omi iyọ̀ fọ imú kí n tó sùn. Láti ìgbà náà, n kò lẹ nǹkan kan mọ́ ẹnu, ẹnu mi ò sì gbẹ.

Ní ti bàbá awakọ̀

Dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò oorun. Òru kan ni, wọ́n fi ohun kan sí i ní ìka, wọ́n de okùn mọ́ àyà rẹ̀, wọ́n fi páìpù tín-ín-rín sí i nímú. Ìgbà 41 láàárín wákàtí kan ni èémí rẹ̀ ń sé. Ẹ fi wákàtí mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní 240 lóru kan. Téèpù wo ló fẹ́ gba ẹni yẹn? Wọ́n ní kó máa lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa pàdé, èyí tí wọ́n ń pè ní sípápù, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀rọ náà gbówó lórí. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun ló dáwó rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ìyàwó rẹ̀ tún dé. Ó ní oorun ti dára, àmọ́ ẹnu ọkọ òun máa ń ṣí lábẹ́ ẹ̀rọ náà, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ sá jáde pẹ̀lú ariwo. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá ta téèpù yẹn fún mi báyìí."

Mo ní, "Ìyá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́ta òru?"

Ẹ̀rín rẹ̀ kú. Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń bá a ṣí ọ̀nà ọ̀fun á dúró, ọ̀nà náà á sì tún pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́kù fún un títí ó fi máa yọ ìbòmú náà. Mo ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún wọn ní ẹ̀rọ, kí wọ́n bá a pààrọ̀ ìbòmú onímú nìkan sí èyí tó bo imú àti ẹnu pọ̀, tó ní ihò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ bá já. Kí wọ́n tún wá bátìrì sí i.